Owó Tó Wà Láàrin Ọmọ Ìyá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nígbàkigbà tí ẹbí bá jókòó níwájú mi kí n bá wọn kọ ìwé owó. Àgbà kan nínú wọn á mirí, á ní, "Láyé àwọn bàbá wa, ta ló ń kọ̀wé lé owó ọmọ ìyá lórí? Ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó." Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nílùú Ìbàdàn. Kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣe akọ̀wé, nígbà tí mo sì fẹ̀yìntì, mo ń kọ ìwé àdéhùn fún àwọn tó bá wá bá mi nílé. Mi ò tíì gbà pẹ̀lú àgbà náà rí. Òótọ́ ni pé àwọn bàbá wa kì í kọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń yá ara wọn lówó. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ní, ẹlẹ́rìí wọn sì pọ̀ ju ti ìwé èyíkéyìí tí mo lè kọ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ nígbà náà, ojú agbo ilé ló ti máa yá a. Mọ́gàjí á mọ̀ sí i, àwọn ìyàwó ilé á gbọ́, ọjọ́ tí yóò san án á sì jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ilé mọ̀, bóyá ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó, bóyá ìgbà tí èsúsú bá kàn án. Bí owó náà bá pọ̀, wọ́n lè fi ìwọ̀fà sí i: ẹni tó yáwó, tàbí ọmọ rẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ náà ló dúró fún èlé, ojú owó á wà níbẹ̀ títí wọn ó fi san án. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé níwájú onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ti máa ń ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Bí onígbèsè bá sì ń fi ònímónìí fọ̀ladọ́la, olówó lè rán ológò sí i, kí ó wá jókòó ti ilé rẹ̀, kí ó máa pariwo, kí ó máa jẹ lára ohun tó bá rí, títí ara ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ìyà wà nínú ìwọ̀fà, ìtìjú wà nínú ológò, inú mi sì dùn pé méjèèjì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni pé gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Kò sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé òun ò gba nǹkan kan.

Lónìí, alẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ o." Ẹ̀gbọ́n náà ò sì ní fẹ́ kí ìyàwó tirẹ̀ gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ti kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn, kò sí ẹnì kẹta tó mọ̀ sí i. Àwọn bàbá wa kò fọkàn tán ara wọn jù wá lọ. Ojú tó ń wò wọ́n ló pọ̀. Ojú yẹn ni ó ti kúrò nílẹ̀, òun náà sì ni ìwé kékeré tí orúkọ ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń gbìyànjú láti dá padà. Ẹni tó bá sọ pé ìwé fi hàn pé a ò fọkàn tán ara wa, mo máa ń bi í bóyá agbo ilé tó ń wo bàbá rẹ̀ nígbà tó ń gba owó kò fọkàn tán bàbá náà ni. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì mọ̀ pé ẹsẹ 282 nínú Súrà Bákárà, tó gùn ju gbogbo ẹsẹ Àlùkùránì lọ, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí sí i ló dá lé.

Ẹjọ́ kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo wà ní kóòtù. Obìnrin oníṣòwò kan fi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nígbà tí ilé tí àbúrò ń kọ́ dúró sórí lẹ́ńtù. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an. Bí ó ti rí títí obìnrin náà fi kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ yẹ ìwé báńkì wò, wọ́n rí owó náà, wọ́n lọ bá bàbá wọn kékeré. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ta òun lọ́rẹ ni. Àkọ́bí ní rárá, ìyá àwọn sọ pé òun yá a ni. Àbíkẹ́yìn tún mú tirẹ̀ wá, ó ní ìyá àwọn sọ fún òun pé òun ní yàrá méjì nínú ilé náà. Ẹ wò ó, owó kan ṣoṣo ló di ẹ̀bùn, ó di ẹ̀yáwó, ó tún di ìpín nínú ilé. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta parọ́. Ó ṣeé ṣe kí olóògbé ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọkàn ṣe ń gbé e. Ìwé báńkì fi hàn pé owó lọ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ àbúrò, kò lè sọ ìdí tó fi lọ. Àwọn ọmọ ìyá náà àti bàbá wọn kékeré kò jẹun pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ẹjọ́ náà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti dá mi lójú pé ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé owó ẹbí kì í ṣe iye owó. Ìlà tó sọ irú owó tó jẹ́ ni. Àlejò tó bá yá ọ lówó, kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ta ọ́ lọ́rẹ ni. Láàrin ọmọ ìyá, ìfẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀bùn sì ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ̀yáwó lè fara pamọ́ sáàrin ẹ̀bùn láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ jalè.

Jẹ́ kí n mú ìwé kan tí ó ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ìwé ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àgbẹ̀ oníkòkó kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági tuntun, wá sọ́dọ̀ mi. 600,000 náírà ni àbúrò fẹ́ yá, kí ó fi sanwó lébìrà, kí ó sì ra oògùn tí yóò fín sí oko kí òjò tó mú kí kòkó máa jẹrà dúdú lórí igi. Ẹ̀gbọ́n ti ṣírò tirẹ̀ tán: 50,000 lóṣù, oṣù méjìlá, ó parí. Nínú ọjà tó wà, owó ń wọlé fún un lójoojúmọ́, kò sì lè rò ó pé oṣù lè wọlé kí ó tún jáde kí àgbẹ̀ má rí kọ́bọ̀. Mo bi àbúrò níbi tí yóò ti rí 50,000 ní oṣù Kẹrin. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n san án bẹ́ẹ̀." Níbi tí mo ti máa ń rí i pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó gba ohun tí kò ní lè ṣe nítorí ọ̀wọ̀, oṣù àkọ́kọ́ ni yóò kùnà, oṣù kejì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ẹ̀gbọ́n á sì máa sọ fún ará ọjà pé àbúrò òun jẹun tán, ó nu ẹnu nù.

A wá pín owó náà bí kòkó ṣe ń jáde. Àárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni kòkó gidi ń wọlé, díẹ̀ sì tún máa ń wà láàrin ọdún. A kọ ọ́ pé yóò san 200,000 kí oṣù Kọkànlá 2021 tó parí, yóò san 100,000 kí oṣù Kẹfà 2022 tó parí, yóò sì san 300,000 tó kù ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún náà. Obìnrin náà kọ́kọ́ fajú ro, nítorí ó ti di ogún oṣù ó lé díẹ̀. Mo ní kí ó yan èyí tó wù ú nínú ọjọ́ tó jìnnà tí owó yóò dé àti ọjọ́ tó sún mọ́ tí àwáwí yóò dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Ojú ìwé kan ni gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn méjèèjì, orúkọ bàbá wọn, àti ibi tí oníkálukú ń gbé. Ó sọ pé àbúrò gba 600,000 náírà, ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà, mo sì kọ ọ́ ní òǹkà àti ní ọ̀rọ̀, torí òǹkà rọrùn láti fi òdo kan kún. Ó sọ pé, "Ẹ̀yáwó ni owó yìí, kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe ìpín nínú oko. Kò ní èlé." Ọjọ́ mẹ́ta tí yóò san án tẹ̀lé e. Mo fi kún un pé bí ọjọ́ kan bá pé tí owó kò pé, àbúrò á wá fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kọjá, wọ́n á sì kọ ọjọ́ tuntun sẹ́yìn ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí á buwọ́ lù ú.

Ìlà kan ṣì kù tí wọn ò fẹ́ kí n kọ. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró dè wọ́n. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, a kọ ọ́ báyìí: "Bí ọlọ́jọ́ bá dé bá olówó, àkọ́bí rẹ̀ ni a ó san ìyókù fún níwájú ẹlẹ́rìí. Bí ó bá dé bá ẹni tó yáwó, a ó yọ ìyókù nínú ohun tó fi sílẹ̀ kí a tó pín ogún." Ní ibi ìsìnkú wa, ẹbí máa ń dìde, wọ́n á ní ẹni tí olóògbé bá jẹ lówó kí ó jáde wá sọ. Àṣà tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ olóògbé lówó kì í sábà dìde, kò sì sẹ́ni tó ń pè é. Ìlà yẹn ló ń pè é.

Lórí ẹlẹ́rìí, mi ò kì í gbà kí gbogbo wọn ti apá kan wá. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n ṣe ọ̀kan. Ìyàwó àbúrò ṣe ìkejì, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn pé ó jẹ owó ọkọ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, ó sì yẹ kí ó mọ iye tó wọlé. Ìkẹta ni ìbátan wọn kan tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, tí kò sí ohunkóhun fún un nínú owó náà. Bàbá yìí ló kọ́kọ́ ń lọ́ra. Ó ti buwọ́ lu ìwé kan rí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, nígbà tí onígbèsè sì sá lọ, òun ni wọ́n wá bá pé kí ó san án. Mo rí èyí gan-an, ó sì ń dùn mí, torí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbà máa sá fún iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn. Ẹlẹ́rìí kì í san gbèsè. Ohun tó rí ló ń sọ. Onígbọ̀wọ́ ló gbà láti san án bí onígbèsè bá kọ̀. Mo kọ "ẹlẹ́rìí nìkan, kì í ṣe onígbọ̀wọ́" síwájú orúkọ bàbá náà, ó sì tẹ̀ka sí i pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Nítorí pé òun àti àbúrò kò mọ̀wé, Yorùbá ni mo fi kọ ìwé náà, mo kà á sókè fún wọn, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé mo kà á ó sì yé wọn, mo sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tèmi sísàlẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ló béèrè fún èyí, òfin tó dára sì ni, torí mo ti rí ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún màmá àgbàlagbà, tó ní yíyá ni wọ́n yá òun lówó, nígbà tí ìwé sọ pé ó ta ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta la ṣe: ẹ̀gbọ́n mú ọ̀kan, àbúrò mú ọ̀kan, bàbá àgbà mú ẹ̀kẹta.

Òjò ọdún yẹn kò ṣàánú oko náà. Ní oṣù Kọkànlá, 120,000 péré ni àbúrò rí mú wá dípò 200,000. Ṣùgbọ́n ó mú un wá fúnra rẹ̀, kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé 80,000 tó kù yóò bá ti ìparí lọ. Ó san 100,000 ní oṣù Kẹfà bí a ṣe kọ ọ́. Ó wá ku 380,000. Oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n kú.

Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Kò sẹ́ni tó pe àbúrò jókòó ní ọjọ́ fídáù láti bi í pé owó ìyá àwọn dà. Àkọ́bí ti rí ìwé, orúkọ òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àbúrò sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ ìyá ṣe ń sunkún, ẹnikẹ́ni kò wò ó bí onígbèsè. Ní oṣù Kejìlá, ó mú 300,000 wá. Ó yẹ kí ó tún mú 80,000 kún un ní ọjọ́ náà, kò pé, wọ́n sún un. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni owó náírà wọ́n bí ojú tí gbogbo wa ń tò sí báńkì, kò sí owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó lábúlé, nítorí náà orí fóònù ọmọ rẹ̀ ni ó ti fi èyí tó kù ránṣẹ́. Mo ti kọ́ ọmọ náà pé kí ó má fi àlàfo ọ̀rọ̀ ìdí sílẹ̀ ní òfìfo bí ó bá ń fi owó ránṣẹ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni "àsanparí gbèsè ẹ̀gbọ́n bàbá mi". Àkọ́bí kọ "a ti san án tán" sí ẹ̀yìn ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì buwọ́ lù ú.

Àwọn kan á béèrè pé kí ni ìwé lè ṣe bí ẹni tó yáwó bá kọ̀ láti san án. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré lọ sí tẹ́ṣàn kí ọlọ́pàá lè ti ọmọ ìyá wọn mọ́lé. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Kóòtù ni ibi tí gbèsè ń lọ, ní Èkó wọ́n tiẹ̀ ti dá kóòtù ẹjọ́ kéékèèké sílẹ̀ láti 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Olówó kò sì gbọdọ̀ sùn lọ: ọdún díẹ̀ ni òfin fún un, ọdún mẹ́fà ní Èkó, láti ọjọ́ tó yẹ kí a san owó náà. Ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ẹbí tí mo ti kọ, díẹ̀ ló dé kóòtù. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí ló ń parí sí. Bàbá àgbà kan á ránṣẹ́ pe ẹni tó ń sá, á mú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó tán.

Ohun tuntun tó ń da àwọn ẹbí láàmú báyìí ni owó òkè òkun. Ọmọ kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ní 2,000 pọ́n-ùn ní ọdún 2021. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ ẹ, kò tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n máa san án ní 2024, náírà ti já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọjà, iye pọ́n-ùn kan náà sì ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ẹ̀gbọ́n ní iye tí òun gbà lòun máa san. Àbúrò ní pọ́n-ùn lòun fi ránṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ alẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Mi ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Wọn ò sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá pọ́n-ùn ni gbèsè náà tàbí náírà. Fún àwọn tó wá lẹ́yìn wọn, èyí tí mo máa ń dá lábàá ni pé kí a kọ ọ́ ní owó tí ẹni tó yáwó ń rí gbà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí olówó kò bá sì fẹ́ kí ìyà jẹ òun nìkan, kí a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí náírà bá já jù, wọn ó pín àdánù náà sí méjì.

Owó kan wà tí mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni kọ ìwé sí, ìyẹn owó tí ìyá tàbí bàbá bá ní kí ọmọ yá òun. Mo máa ń sọ fún ọmọ pé kí ó fún wọn ní ìwọ̀n tí kò ní dùn ún bí kò bá padà, kí ó sì sọ ọ́ fún wọn pé òun ò retí rẹ̀. Ẹni tó gbé wa pọ̀n kò yẹ kí ó tẹ̀ka fún wa.

Fún àwọn tí owó ti wà láàrin wọn láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ìwé, ọ̀nà ṣì wà. Kí ẹni tó yáwó kọ ìwé lónìí, kí ó sọ nínú rẹ̀ iye tó gbà, ìgbà tó gbà á, iye tó ti san, àti iye tó kù, kí ó sì buwọ́ lù ú níwájú ẹnì kan láti apá kọ̀ọ̀kan. Òfin á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún látọjọ́ ìwé tuntun náà, bí àkókò ti àtijọ́ kò bá tíì tán. Àsìkò tí mo rí i pé ó rọrùn jù láti béèrè fún un ni ọjọ́ tí onígbèsè bá fúnra rẹ̀ mú díẹ̀ wá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà, ojú kò tì í, á sì fẹ́ kí a kọ ohun tó mú wá sílẹ̀.